Ẹ Mú Ọ̀rẹ́ Wá, Ẹ Gba Adìẹ Ọdún: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Ìpolówó Tí Oníbàárà Lè Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù gáàsì kan nílùú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni o, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Obìnrin ló ni ín, ó ní bíi irinwó oníbàárà tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀, ọdún Kérésì sì ń bọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń rọ gáàsì lọ́dọ̀ rẹ̀ mú àwọn mìíràn wá, kí òun náà sì fi adìẹ ọdún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èrò náà dára. Ohun tó kọ sórí Wásáàpù rèé:

> Ìròyìn ayọ̀! Ìròyìn ayọ̀!! Ọdún ti dé o! Ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà, ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ yín wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, kí ẹ sì gba ẹ̀bùn ọdún ńláńlá. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá yín! Ìlànà wà fún un.

Ẹ tún un kà, kí ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lóòótọ́. Ẹni mélòó ni kí n mú wá? Kí ni wọ́n máa rà? Ṣé tí ọ̀rẹ́ mi bá kàn yà kí wọn, ó ti tó? Ẹ̀bùn wo gan-an? Ìgbà wo ni yóò parí? Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé èmi ni mo rán an? Kí sì ni ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ máa rí gbà níbẹ̀? Kò sí ìdáhùn sí ọ̀kankan. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni ariwo, àti gbólóhùn kan tó ń jáni láyà nípa ìlànà. Oníbàárà yóò kà á, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fi í sílẹ̀.

Ìdí tí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í fi ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tó kọ ọ́ rò pé oníbàárà tó ń kà á lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán lè rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a fi ń bẹ oníbàárà pé kó mú ọ̀rẹ́ wá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu méjì ló gbà kọjá. A kọ ọ́ sí oníbàárà, oníbàárà yóò wá tún un sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọjà, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn ìsìn. Kò ní ka ohun tí ẹ kọ jáde. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò sọ, àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ yìí á sì kọ́kọ́ wá gbólóhùn náà kí wọ́n tó kọ ohunkóhun.

Kí ni gbólóhùn náà yóò dá lé? Ẹ wo bí ara ṣe máa ń tini. Tí mo bá sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, “Lọ rọ gáàsì níbẹ̀, wọ́n á fún mi ní adìẹ,” mo ti sọ ara mi di ẹni tó fẹ́ fi í jẹ. Bó tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ojú á tì mí láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá lè sọ pé, “Tó o bá dárúkọ mi níbẹ̀, wọ́n á yọ 300 náírà fún ẹ, wọ́n á sì bá ẹ yẹ họ́ọ̀sì ẹ wò,” oore ni mo ṣe é. Nítorí náà, èrè ọ̀rẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ ìpolówó, kí èrè oníbàárà tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí i padà, tí wọ́n á fi ẹ̀bùn ńlá ṣíwájú, tí ọ̀rẹ́ á sì wà ní ìparí tàbí kí ó má tilẹ̀ sí rárá.

Iléeṣẹ́ Dropbox tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì ṣe irú ètò yìí: àti ẹni tó pè, àti ẹni tí wọ́n pè, àwọn méjèèjì ló ń gba àfikún àyè ìpamọ́. Láàárín oṣù Kẹsàn-án 2008 sí oṣù Kìíní 2010, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn pọ̀ láti nǹkan bíi 100,000 dé nǹkan bíi 4,000,000, ètò náà sì wà lára ohun tó fà á. Àmọ́ kí ẹ tó sáré lọ fara wé wọn, ẹ rántí pé àyè orí kọ̀ǹpútà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wọn ní nǹkan kan. Adìẹ ń jẹ bàbà, owó ni wọ́n sì fi ń rà á.

Èyí ló mú wa dé ibi ìṣirò, tí àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó kì í fẹ́ gbọ́. Ìṣirò yìí ló ń sọ iye ọ̀rẹ́ tí ẹ máa kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọgọ́rùn-ún náírà ni èrè ṣọ́ọ̀bù yìí lórí kílò kan. Ẹni tó bá rọ sílíńdà 12.5 kílò, 1,250 náírà lèrè orí rẹ̀. Ká sọ pé adìẹ kan jẹ́ 12,000. Tí ẹ bá ṣèlérí adìẹ kan fún ọ̀rẹ́ kan, ó di kí ọ̀rẹ́ náà padà wá bíi ìgbà mẹ́wàá kí owó adìẹ tó wọlé. Bí gáàsì bá ń tó ilé kan lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọdún kan gbáko á ti kọjá.

Ẹ wá wò ó bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́ta fún adìẹ kan. Èrè àwọn mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ 3,750. Ẹ yọ 300 náírà tí ẹ dín fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó jẹ́ 900 lápapọ̀, ó ku 2,850. Adìẹ gba 12,000, ṣọ́ọ̀bù ṣì jẹ gbèsè 9,150. Tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, gbèsè di 5,400. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di 1,650. Ìgbà kẹrin ni èrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wá láàárín oṣù Kọkànlá yóò dé ìgbà kẹrin ní nǹkan bí oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn ṣe é fara dà fún ẹni tó ń ta gáàsì, torí pé gáàsì jẹ́ ohun tí èèyàn ń rà lóòrèkóòrè. Ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì kò gbọ́dọ̀ dán irú rẹ̀ wò, nítorí ẹni tó ra bẹ́ẹ̀dì lóṣù yìí kò ní padà wá ra òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Kí ẹ sì fi owó tiyín rọ́pò owó tí mo lò o, nítorí iye owó gáàsì àti ti adìẹ kì í dúró sójú kan.

Ìṣirò náà tún sọ ohun mìíràn fún wa: ẹni tó bá rọ kílò mẹ́ta péré kò lè jẹ́ ìdá mẹ́ta adìẹ. Ó gbọ́dọ̀ ní iye kílò tó kéré jù. A lè sọ pé kílò 10. Àwọn kan á fẹ́ kọ ọ́ pé sílíńdà kílò mẹ́fà méjì á jẹ́ ẹyọ kan, kílò mẹ́ta mẹ́rin á jẹ́ ẹyọ kan. Òfin tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tí yóò lè tún un sọ láàárín ọjà. Òfin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un ń dín iye ẹnu tó lè gbé ọ̀rọ̀ yín lọ kù. Ẹ fi í sílẹ̀.

Kí wá ni ti ẹni tó sapá títí, tó rí ọ̀rẹ́ méjì péré? Tí kò bá gba nǹkan kan, ẹ ti sọ oníbàárà dáadáa di ẹni tó ń bínú sí yín lọ́sẹ̀ ọdún. Ẹ̀bùn kékeré gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà kí a tó dé orí adìẹ. Kílò gáàsì kan fún ọ̀rẹ́ kan ló rọrùn jù, torí ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni, iye tí ẹ rà á ló ná yín, kì í ṣe iye tí ẹ ń tà á.

Ó wá kù ká kọ ọ́. Èyí tí èmi máa fi ránṣẹ́ rèé:

> Ẹ kú ìmúra ọdún o. Bí ọ̀rẹ́ yín tí kò rọ gáàsì lọ́dọ̀ wa rí bá wá rọ kílò 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó yọ 300 náírà fún un lójú ẹsẹ̀, a ó sì bá a yẹ họ́ọ̀sì àti ẹnu sílíńdà rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́.
>
> Ẹ̀yin tí ẹ rán an wá, kílò gáàsì kan ni tiyín. Bí ó bá pé ọ̀rẹ́ mẹ́ta, àgbébọ̀ adìẹ kan la ó fún yín dípò kílò mẹ́ta.
>
> Kí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ yín, kó sì sọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fóònù yín, kó tó sanwó. Ilé kan, ọ̀rẹ́ kan.
>
> Ó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé 2 oṣù Kọkànlá, ó parí ní Sátidé 12 oṣù Kejìlá 2026. Sátidé 19 oṣù Kejìlá la ó pín adìẹ ní ṣọ́ọ̀bù, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Kò ní ariwo, bẹ́ẹ̀ ni kò ní “ẹ̀bùn ńláńlá”. Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn ibì kan wò níbẹ̀, torí iṣẹ́ pọ̀ nínú wọn ju bí wọ́n ṣe rí lójú lọ.

“Tí kò rọ gáàsì lọ́dọ̀ wa rí” ló yanjú ìjà tó máa ń wáyé jù. Bí gbólóhùn yẹn kò bá sí, oníbàárà méjì á kàn máa dárúkọ ara wọn, Ìyá Ṣadé á ní Ìyá Tọ́pẹ́ ló rán òun, Ìyá Tọ́pẹ́ á ní Ìyá Ṣadé ló rán òun, àwọn méjèèjì ti ń rọ gáàsì lọ́dọ̀ yín láti ọdún mẹ́ta. Wọn kò sì jalè, ohun tí ẹ kọ ni wọ́n ṣe.

“Àgbébọ̀ adìẹ” wà níbẹ̀ nítorí pé adìẹ kò jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ “adìẹ ọdún” lásán, àkùkọ gàgàrà tàbí bùròílà tó sanra ni oníbàárà máa rí lójú inú rẹ̀. Bí ó bá wá dé ní Sátidé náà tí ẹ gbé àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin tán fún un, inú rẹ̀ kò ní dùn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àgbébọ̀ ni yóò gbà á tayọ̀tayọ̀, torí àgbébọ̀ náà ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fún ọbẹ̀. Ẹ̀bùn kan náà ni, ohun tí ẹ kọ ló yàtọ̀.

“Dípò kílò mẹ́ta” kéré, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ rí i. Ẹni tó mú ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá á ní adìẹ kan pẹ̀lú kílò mẹ́ta ni ẹ jẹ òun. Bí ó ṣe kà á náà sì nìyẹn, ẹ kò ní ẹnu láti fi já a níyàn.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fóònù wà níbẹ̀ nítorí Ìyá Ìbejì. Nílẹ̀ Yorùbá, tí ìbejì pọ̀ bí ọ̀fẹ́, Ìyá Ìbejì mẹ́fà lè wà nínú irinwó oníbàárà, kí mẹ́ta nínú wọn sì máa gbé àdúgbò kan náà. Orúkọ nìkan kò tó. Orúkọ àti nọ́ńbà mẹ́rin, ọ̀rẹ́ lè há a sórí, ọmọ tí wọ́n rán wá rọ gáàsì náà lè rántí rẹ̀. Ẹni tó dúró sídìí ìwọ̀n á kọ ọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí tábìlì: ọjọ́, orúkọ ọ̀rẹ́, iye kílò, ẹni tó rán an. Kó kọ ọ́ kí ó tó gbowó, torí ẹni tó ti sanwó tó sì ti gbé sílíńdà sórí ọ̀kadà kò ní padà wá dárúkọ ẹnikẹ́ni.

“Ilé kan, ọ̀rẹ́ kan” jẹ́ odi fún àwọn tó ń kó sílíńdà ilé ara wọn wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò fara mọ́ kí ẹ kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ọ̀rọ̀ ìpolówó tí ìhalẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ìpè lọ, “a ó yọ orúkọ ẹni tó bá ṣe màgòmágó”, “ìpinnu wa ni abẹ gé”. Irú èdè bẹ́ẹ̀ ń bá ẹni ọgọ́rùn-ún wí nítorí ẹni méjì. Ẹnì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ti pinnu nípa rẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀: ọlọ́kadà tó ń bá àwọn ará àdúgbò gbé sílíńdà wá. Ṣé òun ló mú wọn wá, àbí wọ́n kàn rán an níṣẹ́ ni? Lójú tèmi, bí ilé náà kò bá rọ gáàsì lọ́dọ̀ yín rí, òun ló mú wọn wá, kó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ọdún 2026 tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ wà fún Wásáàpù. Ohun tí wọ́n bá ń fi ṣọwọ́ sí ara wọn níbẹ̀ kì í kú. Tí ẹ bá kọ “ó parí ní 12 oṣù Kejìlá” nìkan, ẹnì kan á rí i lọ́dún tó ń bọ̀, á sì kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá. Ẹni tó bá ń ṣe tiẹ̀ fún Iléyá tún ní wàhálà mìíràn: kò gbọ́dọ̀ kọ “ó parí lọ́jọ́ márùn-ún ṣáájú Iléyá”, nítorí rírí oṣù ló ń pinnu ọjọ́ Iléyá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú títí yóò fi ku bí ọjọ́ mẹ́wàá. Kó mú ọjọ́ kan lórí kàlẹ́ńdà tó jìnnà díẹ̀, kó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tó wà láàárín 12 àti 19 sì ni ẹ máa fi ka ìwé yín, kí ẹ mọ iye adìẹ, kí ẹ sì ti san àsansílẹ̀ fún ọlọ́sìn kó tó di pé owó adìẹ fò sókè lọ́sẹ̀ Kérésì.

Bí àwọn oníbàárà yín kan kò bá sí lórí Wásáàpù, ẹ máa fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ sí wọn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ owó àwọn tó ń kọ Yorùbá láìmọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì kankan máa ń gba ẹyọ lẹ́tà 160 lójú ewé kan. Bí ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá ti wọ inú rẹ̀, ètò ìkọ̀wé rẹ̀ á yí padà látòkè délẹ̀, ojú ewé á sì di ẹyọ 70 péré. Bí ó bá ju ojú ewé kan lọ, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa gbà. Àmì náírà onílà méjì, ₦, náà á ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan níbẹ̀. Ọ tó sì ní àmì ohùn lórí máa ń jẹ́ ẹyọ méjì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹyọ 150, tí ẹ rò pé ojú ewé kan ni, yóò di mẹ́ta, irinwó oníbàárà yóò sì di 1,200 ojú ewé lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín fi í ránṣẹ́. Èmi kò ní sọ pé kí ẹ ju àmì nù, torí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ kọ èyí tó kúrú, kí ẹ kọ náírà dípò àmì rẹ̀:

> Ọ̀rẹ́ yín rọ kílò 10: 300 náírà kúrò. Ẹ̀yin: kílò 1. Ọ̀rẹ́ 3: àgbébọ̀ 1. Ó parí 12/12/2026. Ẹ pè wá.

Ohun kan tún wà tí àwọn kan ń ṣe tí mi ò fẹ́: wọ́n á ní kí oníbàárà fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mẹ́wàá ránṣẹ́, kí àwọn fúnra wọn máa pè wọ́n. Ọ̀rẹ́ náà kò fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni pín nọ́ńbà òun, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ka nọ́ńbà fóònù mọ́ ohun tó jẹ́ ti èèyàn fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ wá fúnra rẹ̀. Bákan náà, adìẹ tí ẹ kọ sílẹ̀ tí ẹ kò sì ní fún ẹnikẹ́ni jẹ́ ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sì lòdì sí i. Bí owó yín kò bá lè ju adìẹ ọgọ́ta lọ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọgọ́ta ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ pé mẹ́ta ló ni ín, ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á gba kílò mẹ́ta rẹ̀.

Iṣẹ́ ìkọ̀wé kò tíì tán lọ́jọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń mú èrè wọlé jù lọ nínú gbogbo ètò yìí ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kọ rárá. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí, ẹ ṣí ìwé yín, kí ẹ wo àwọn tí ọ̀rẹ́ wọn ti pé méjì. Àwọn nìkan ni kí ẹ kọ̀wé sí, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ wọn:

> Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rẹ́ yín méjì ti wá rọ gáàsì, a ti kọ kílò méjì sílẹ̀ fún yín. Bí ẹnì kan péré bá tún wá kí Sátidé 12 tó parí, àgbébọ̀ yín ti pé. Bí kò bá rọrùn, kílò méjì yín wà níbẹ̀, ẹ wá gbà á nígbàkígbà títí ìparí oṣù Kìíní 2027.

Ẹ wo gbólóhùn ìparí yẹn dáadáa. Ó fún obìnrin náà láyè láti má ṣe nǹkan kan, kílò méjì rẹ̀ kò sì ní sọnù. Ẹ má ṣe fi irú èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mú ẹnikẹ́ni wá, ìyẹn á dà bí ẹ̀gàn. Ẹni tó mú ọ̀kan wá náà, ẹ kàn kọ “ẹ ṣeun, kílò kan yín wà níbí”, kí ẹ sì dákẹ́.